Lítà ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe owó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá fẹ́ mọ iye gáàsì kábọ́ọ̀nù-dàyọ́sáídì tí iṣẹ́ yín ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dún, lítà epo ni kí ẹ máa kọ, torí owó epo kì í dúró sójú kan. Lítà pẹtiróòlù kan ń mú nǹkan bíi kìló 2.3 jáde; ti dísù tó 2.7. Gáàsì náà wúwo ju epo náà lọ, nítorí bó ṣe ń jó ló ń gba ọ́síjìn mọ́ra látinú afẹ́fẹ́.

Ká ní alóta kan ní Ìpàta ń ra dísù lítà 4 lójúmọ́, fún ọjọ́ 300: lítà 1,200 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.7, ó di kìló 3,240. Epo tó bá ṣẹ́kù níparí ọdún, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ṣírò. Kò tíì jó.