Ìwé ìtọ́sọ́nà fún akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀: bá a ṣe ń kó bọ́tìnnì tá à ń lò jù sọ́wọ́ nínú Word

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́ ẹ̀ ń fi láptọ́ọ̀pù kọ míníìtì ìpàdé àti orúkọ àwọn tó ti san owó oṣù, ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ló pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá mi wo kọ̀ǹpútà yìí, gbogbo nǹkan tí mo bá kọ ló ń fa ìlà pupa sí nídìí, mi ò sì rí ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ àfi kí n máa wá a kiri." Nígbà tí mo débẹ̀ mo rí i pé kọ̀ǹpútà ò ní àrùn kankan, iṣẹ́ mẹ́rin péré ni mama ń ṣe lójoojúmọ́, àmọ́ ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Word kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pamọ́ sí. A kó wọn síbi kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú ogún ò tíì pé tá a fi parí ẹ̀. Bá a ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ wo òkè ojúewé Word yín. Ọ̀já gbọọrọ tó ní Home, Insert, Review àti àwọn yòókù lórí, òun là ń pè ní ríbọ́ọ̀nù, ọdún 2007 ni wọ́n gbé e dé. Lókè ẹ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀ ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní bọ́tìnnì kéékèèké bíi Save àti Undo, ìyẹn ni Quick Access Toolbar, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìlà kékeré. Tẹ́ ẹ bá lọ sí Insert, ríbọ́ọ̀nù á yí padà, àmọ́ ìlà kékeré ò ní yí, ibi tó wà náà ló máa wà, ìdí tó fi wúlò fún wa nìyẹn. Nínú àwọn Word tuntun ó lè má hàn rárá, ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ ríbọ́ọ̀nù, ẹ yan Show Quick Access Toolbar. Tó bá ti yọ, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún kẹ́ ẹ yan Show Quick Access Toolbar Below the Ribbon, ó máa sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé, ààyè á sì pọ̀ sí i fún bọ́tìnnì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fi bọ́tìnnì sí i ò le rárá. Ẹ wá bọ́tìnnì yẹn níbi tó wà lórí ríbọ́ọ̀nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan Add to Quick Access Toolbar, ó parí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún náà ni, Remove from Quick Access Toolbar.

Èyí tá a kọ́kọ́ gbé fún mama ni Symbol, inú Insert ló wà, lápá ọ̀tún pátápátá. Torí kí ni? Torí ẹ, ọ àti ṣ. Tí kíbọ́ọ̀dù yín bá ti jẹ́ ti Yorùbá ẹ ò nílò eléyìí, ẹ fò ó, àmọ́ ti mama jẹ́ ti òyìnbó lásán. Ẹ tẹ Symbol, ẹ tẹ More Symbols, níbi tó ti sọ Character code ẹ kọ nọ́ńbà lẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé ohun tó wà ní iwájú from ni Unicode (hex), lẹ́yìn náà ẹ tẹ Insert. Àwọn nọ́ńbà náà rèé, ẹ kọ wọ́n síbì kan:

```
ẹ 1EB9   Ẹ 1EB8
ọ 1ECD   Ọ 1ECC
ṣ 1E63   Ṣ 1E62
àmì ohùn ìsàlẹ̀ 0300
àmì ohùn òkè 0301
```

Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe wàhálà yìí. Tẹ́ ẹ bá ti lo lẹ́tà kan, Word á gbé e sínú àpótí kékeré tó ń ṣí tẹ́ ẹ bá tẹ Symbol, àpótí yẹn máa ń gba ogún lẹ́tà tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn, nítorí náà lẹ́tà mẹ́fà wa àti àmì méjèèjì á wà níbẹ̀ tí ẹ ò bá máa fi nǹkan mìíràn tì wọ́n jáde. Àmì ohùn ńkọ́? Lẹ́tà lẹ máa kọ́kọ́ kọ, àmì lẹ́yìn ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á gun orí lẹ́tà lọ. Tí ẹ bá kọ́kọ́ fi àmì síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà, orí lẹ́tà tó ṣáájú ló máa lọ jókòó sí, ẹ ó sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣìṣe.

Ìkejì ni ìlà pupa yẹn. Òyìnbó ni Word rò pé ẹ ń kọ, ló ṣe ń bá yín jà. Inú Review, lábẹ́ Language, ni Set Proofing Language wà, òun náà la gbé sórí ìlà kékeré. Tẹ́ ẹ bá kọ míníìtì tán ẹ tẹ Ctrl+A kí gbogbo ẹ̀ lè di yíyàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ fi àmì sí Do not check spelling or grammar, kẹ́ ẹ sì yọ àmì kúrò ní Detect language automatically, torí òun ló máa ń dá ìlà pupa padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rò pé ẹ ti bọ́.

Ìkẹta àti ìkẹrin ló dùn mọ́ mi jù, torí inú tábìlì owó ni wọ́n ti wúlò. Ọmọ ẹgbẹ́ mama jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, orúkọ, ìfowópamọ́, ẹ̀yáwó, tábìlì náà kọjá ojúewé kan, tí wọ́n bá ti dé ojúewé kejì kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ìfowópamọ́ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀yáwó mọ́, wọ́n tilẹ̀ ti ka owó ẹ̀yáwó ẹnì kan ní ìfowópamọ́ rí nínú ìpàdé, ìjà fẹ́ẹ̀ẹ́ dé. Repeat Header Rows ló ń tún ìlà àkọ́kọ́ kọ sórí ojúewé kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ inú Layout ti tábìlì ló wà, Layout yìí ò sì ní yọjú àfi tí ẹ bá wà nínú tábìlì, nínú àwọn Word kan Layout méjì ló máa wà lókè pa pọ̀, ti apá ọ̀tún lẹ máa tẹ̀, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Table Layout. Ẹ tẹ inú tábìlì kí ó yọjú, ẹ gbé Repeat Header Rows sórí ìlà kékeré, ẹ gbé Formula tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá kúrò nínú tábìlì, bọ́tìnnì méjèèjì á ṣú bí ẹni pé wọ́n ti kú, wọn ò kú o, wọ́n ń dúró de tábìlì ni. Ìlà àkọ́kọ́ gan-an lẹ sì gbọ́dọ̀ wà kẹ́ ẹ tó tẹ Repeat Header Rows, kì í ṣiṣẹ́ láti àárín.

Formula ló ń ro owó pọ̀. Ẹ bọ́ sínú àpótí tó gbẹ̀yìn lábẹ́ ìfowópamọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, òun fúnra ẹ̀ sábà máa ń kọ èyí síbẹ̀:

```
=SUM(ABOVE)
```

Ẹ tẹ OK. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Tí ẹnì kan ò bá san owó oṣù yẹn tẹ́ ẹ fi àpótí ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó lè jẹ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ àpótí òfìfo yẹn nìkan ló máa rò, ẹ kọ 0 síbẹ̀. Tí ẹ bá sì kọ ọdún sórí ìlà àkọ́kọ́, bíi "2024", ó lè kà á mọ́ owó. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí owó ẹnì kan padà, ìdáhùn ò ní yí fúnra ẹ̀, ẹ tẹ orí ìdáhùn kẹ́ ẹ tẹ F9. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi kakuléṣọ̀n fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, owó ẹgbẹ́ ni.

Ní báyìí ẹ tẹ Alt kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà á yọ lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ ni 1. Èyí tẹ́ ẹ ń lò jù ni kẹ́ ẹ gbé ṣíwájú, ti mama Symbol ni, wọ́n á tẹ Alt, tẹ 1, lo ọfà dé orí lẹ́tà, tẹ Enter, ọwọ́ ò kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Láti tò wọ́n, ẹ lọ sí File, Options, Quick Access Toolbar, ẹ yan bọ́tìnnì lápá ọ̀tún kẹ́ ẹ fi ọfà ẹ̀gbẹ́ gbé e lọ sókè tàbí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí bọ́tìnnì tí ò sí lórí ríbọ́ọ̀nù rárá, níbi tí wọ́n kọ Choose commands from ẹ yan Commands Not in the Ribbon. Ẹ má kó o pọ̀ jù, mẹ́jọ ti pọ̀ tó lójú mi, ìlà yẹn ò ní di méjì, tó bá ti kún á kàn kó èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́ sẹ́yìn ọfà. Quick Print ni mi ò kì í fi síbẹ̀, torí kì í béèrè nǹkan kan, bẹ́ ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ń tẹ ìwé jáde, íńkì sì wọ́n. Print Preview and Print dáa jù.

Ìgbà tó yá mama ní àwọn ò mọ àwòrán bọ́tìnnì wọ̀nyẹn, wọ́n jọra lójú àwọn. Ẹ ò lè yí orúkọ padà lórí ìlà kékeré, àmọ́ ẹ lè ṣe é lórí ríbọ́ọ̀nù, láti Word 2010 síwájú. File, Options, Customize Ribbon, ẹ tẹ New Tab, ojú tuntun kan á yọ pẹ̀lú New Group nínú ẹ̀, ẹ tẹ Rename kẹ́ ẹ fún wọn lórúkọ. A pe ojú náà ní Ẹgbẹ́, a pe gúrúùpù ní Owó oṣù. Ẹ yan gúrúùpù yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ Add, torí Word kì í gbà kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì kún gúrúùpù tiẹ̀, ibi tó ti ń dá ọ̀pọ̀ dúró nìyí tí wọ́n á ní ó kọ̀. Lẹ́yìn náà a yan Formula, a tẹ Rename, a kọ "Ro owó". Repeat Header Rows di "Tún orí kọ". Mama rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ó ti gbọ́ Yorùbá.

Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ti tò ó nìkan ló máa wà. Èmi alára gbé iṣẹ́ lọ sí káfẹ́ kan lọ́jọ́ tí iná ò sí nílé, mo débẹ̀ mi ò rí bọ́tìnnì mi kankan, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ méjì wà. Nínú Options ti Quick Access Toolbar, lókè lápá ọ̀tún, dípò For all documents ẹ yan orúkọ fáìlì yín kẹ́ ẹ tó tẹ Add, bọ́tìnnì á wà nínú fáìlì yẹn, á máa bá a lọ síbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sì rántí tẹ Save. Ojú Ẹgbẹ́ lórí ríbọ́ọ̀nù ò lè bá fáìlì lọ bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀ ni Import/Export nísàlẹ̀, Export all customizations, ẹ gbé fáìlì tó fún yín sórí fláàṣì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, gbogbo èyí tónítọ̀hún ti tò sílẹ̀ ló máa pa rẹ́, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi Export tọ́jú tiẹ̀ sí fláàṣì kan náà, pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kẹ́ ẹ lè dá a padà fún un tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán.