Bí a ṣe ń tún àkọsílẹ̀ àgbàdo ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kà á láti inú fọ́tò

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu, tó ti ya fọ́tò ìwé tí wọ́n ń kọ àgbàdo sí, tí ẹ̀rọ sì ti ka fọ́tò náà sínú Excel tó wà ní èdè Faransé. Ká sọ pé òpó A ni nọ́ḿbà fọ́tò, B orúkọ, C ọjọ́, D kílò, E iye owó kílò kan, F àròpọ̀ owó. Ẹ kọ nọ́ḿbà fọ́tò sí òpó A fúnra yín, torí ẹ máa nílò rẹ̀ tó bá yá. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àlàfo ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún àti ọgọ́rùn-ún: 12 500 sẹ́fà. Àlàfo yìí kan náà ló sì ń ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa gbogbo àlàfo rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Ẹ kọ èyí sí òpó tó ṣófo, kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=SUPPRESPACE(SUBSTITUE(B2;CAR(160);" "))
```

SUPPRESPACE nìkan kì í pa àlàfo irú CAR(160), bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Bí àlàfo kan bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ gbìyànjú UNICAR(8239) dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da àbájáde padà sí òpó B, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan.

Èyí kò ní so orúkọ tó pín sí méjì pọ̀, torí ó máa ń fi àlàfo kan sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka ADEBISSI sí ADE BISSI, kò lè mọ̀ pé orúkọ kan ni, nígbà tí ALABI ODJO jẹ́ méjì lóòótọ́. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí òpó A ojú ìwé kan tí ẹ pè ní Membres, kí ẹ wá bi Excel:

```
=NB.SI(Membres!A:A;B2)
```

Ibi tó bá ti fún yín ní 0, orúkọ yẹn kò sí nínú ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ fọwọ́ tún ṣe.

Òpó tó wọnú ara wọn

Ẹ wo ìlà kan: òpó D ní "1 250 200", òpó E ṣófo, òpó F ní 250 000. Ṣé kílò kan ní 250 200 sẹ́fà ni, àbí 1 250 kílò ní 200 sẹ́fà? Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: èkíní jẹ́ 250 200, èkejì jẹ́ 250 000. Òpó F ti dáhùn: èkejì ni. Ẹ má ṣe lo Convertir tó wà ní Données níbí, torí yóò gé e sí mẹ́ta: 1, 250, 200. Ẹ fọwọ́ pín in.

Ìgbà tí kílò àti owó bá ti wà láyè ara wọn ni ẹ tó lè pa àlàfo inú nọ́ḿbà:

```
=CNUM(SUBSTITUE(SUBSTITUE(D2;CAR(160);"");" ";""))
```

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún E àti F, kí ẹ sì da àbájáde padà sáyè wọn, kó jẹ́ nọ́ḿbà nìkan. Nọ́ḿbà tó bá ṣì dúró sí apá òsì àpótí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú Excel. SOMME yóò fò ó kọjá láìsọ fún yín, owó yóò sì dín. Ẹ wá fi `=D2*E2=F2` yẹ gbogbo ìlà wò. Ìlà tó bá ní FAUX, ẹ padà sí fọ́tò rẹ̀.

Ìlà tó wà lẹ́ẹ̀mejì

Ìgbẹ̀yìn ni èyí, torí ADE BISSI àti ADEBISSI kò ní jọ ara wọn títí ẹ ó fi tún orúkọ ṣe.

```
=NB.SI.ENS(B:B;B2;C:C;C2;D:D;D2;F:F;F2)
```

Tó bá fún yín ní 2, ẹ má tíì pa á rẹ́. Ẹ má sì tẹ "Supprimer les doublons", torí kò ní bi yín léèrè. Àgbẹ̀ lè gbé 300 kílò wá láàárọ̀, kó tún gbé 300 wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Owó rẹ̀ ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá pa ọ̀kan rẹ́. Òpó A ni yóò là yín lóye. Bí ìlà méjèèjì bá wà nínú fọ́tò kan náà, ó ṣeé ṣe kí àgbẹ̀ náà ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀kan bá wà nísàlẹ̀ fọ́tò 4, tí èkejì sì wà lókè fọ́tò 5, fọ́tò méjèèjì ló jọ mú ìlà kan náà. Ẹ wo ìwé gangan kí ẹ tó yọ ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ro owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi wé àròpọ̀ tí akọ̀wé kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Bí tiyín bá fi 60 000 pọ̀ jù ú lọ, ẹ wá ìlà tí owó rẹ̀ jẹ́ 60 000: bóyá òun ló ṣì wà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dín, ìlà kan ni ẹ̀rọ fò, tàbí nọ́ḿbà kan ṣì wà ní apá òsì àpótí rẹ̀.