Mánẹ́ẹ̀tì kan, ètò méjì: ohun tó ń mú kí bọ́tìnnì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, géèmù fo ìlà méjì. Ẹni tó ra mánẹ́ẹ̀tì PS4 àlòkù ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ láti fi gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, á sì gbé e padà fún ẹni tó tà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe mánẹ́ẹ̀tì náà. Inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ géèmù orí Windows, mánẹ́ẹ̀tì Xbox ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ètò tó ń jẹ́ DS4Windows fi ń ka mánẹ́ẹ̀tì PS4, tó sì ń dá òjìji Xbox kan sílẹ̀ fún géèmù. Ṣùgbọ́n mánẹ́ẹ̀tì gidi ṣì wà níbẹ̀. Bí géèmù bá rí méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni títẹ̀ kan ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Steam náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, nítorí náà bí àwọn méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ìdàrúdàpọ̀ dé.

Ẹ má ṣe sáré fi ètò kẹta kún un láti tún un ṣe, kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù nìyí. Ẹ pa géèmù, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ èyí, kí ẹ sì tẹ Enter:

```
joy.cpl
```

Bí mánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bá wà lórí tábìlì, tí ẹ sì rí `Wireless Controller` àti `Controller (XBOX 360 For Windows)` níbẹ̀, ẹ ti mú olè náà. Ẹ yan ètò kan. Bí ẹ bá yan Steam, ẹ pa DS4Windows pátápátá; ẹ wo ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, torí ó máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá yan DS4Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí orúkọ géèmù nínú Steam, ẹ wọ `Properties`, lẹ́yìn náà `Controller`, kí ẹ sì yan `Disable Steam Input`.

Ẹni tó yan DS4Windows ṣì nílò HidHide, tó ń fi mánẹ́ẹ̀tì gidi pamọ́ fún géèmù. Níbí ni àṣìṣe kejì wà. Bí ẹ kò bá fi `DS4Windows.exe` sí abẹ́ `Applications` nínú HidHide, DS4Windows pàápàá ò ní rí mánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń yọ DS4Windows kúrò, kí wọ́n gbàgbé HidHide. Mánẹ́ẹ̀tì á tanná, okùn á gbé iná wọ̀ ọ́, síbẹ̀ géèmù kankan ò ní rí i. Wọ́n á pààrọ̀ okùn títí, owó á ṣòfò. Ẹ ṣí HidHide, ẹ lọ sí `Devices`, ẹ yọ àmì tó wà níwájú `Enable device hiding`, kí ẹ yọ mánẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì tún un so.

Bí ẹ bá ti pa gbogbo ètò wọ̀nyí, tí orúkọ kan ṣoṣo kù nínú `joy.cpl`, ẹ yan orúkọ náà, ẹ wọ `Properties`, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dààmú yín díẹ̀díẹ̀. Bí àmì rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì fún títẹ̀ kan, bọ́tìnnì náà ló ti gbó lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e padà sí Wàǹdó.