"Mi ò rí àlàfo tí o fẹ́ dí": ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìfáárà àpilẹ̀kọ kan nípa alájọ

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Jọ́nà kan dá àpilẹ̀kọ mi padà. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní òun ò rí àlàfo ìmọ̀ tí mo fẹ́ dí. Ìpínrọ̀ náà, bí mo ṣe yí i sí Yorùbá, nìyí: "Àjọ dídá ṣe pàtàkì láàrin àwọn oníṣòwò Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, ìwádìí lórí ìfọkàntán nínú àjọ kò tíì pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi yẹ àjọ wò ní Ìbàdàn." Alájọ 26 ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní 2024, lórí ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí owó bébà ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Ọ̀wọ́n owó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí ló mú kí iṣẹ́ yín yàtọ̀, kò sì sí nínú ìpínrọ̀ náà rárá.

Ẹ yọ "àjọ" kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi "ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù" sípò rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan tó máa wó. John Swales ṣàlàyé ní 1990 pé ìfáárà àpilẹ̀kọ máa ń ṣe nǹkan mẹ́ta: a fi ilẹ̀ hàn, a tọ́ka sí àyè tó ṣófo lórí ilẹ̀ náà, a sì wọ ibẹ̀. Ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta. "Kò tíì pọ̀ tó" ni ẹ fi dípò ìkejì, bẹ́ẹ̀ iye ìwé nìyẹn ń kà, kò sọ ohun tí a kò mọ̀. Ìwé lè pọ̀ bí yanrìn lórí ọ̀rọ̀ kan kí ìbéèrè tó ṣe kókó ṣì wà láìní ìdáhùn.

Ohun kejì ló dùn mí jù. Nǹkan méjì ni ẹ pè ní àjọ. Èsúsú tí William Bascom kọ nípa rẹ̀ ní 1952, tí Shirley Ardener sì fi wé irú rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn ní 1964, ẹgbẹ́ ni: gbogbo wọn ń dá iye tí wọ́n fi àdéhùn sí, wọ́n sì ń kó o fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti alájọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ gba owó lójoojúmọ́, tó ń sàmì sí káàdì, tó ń dá owó padà níparí oṣù, tó sì ń mú ti ọjọ́ kan bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Nínú èsúsú, ojú ẹgbẹ́ ló ń ṣọ́ olúkúlùkù. Lọ́dọ̀ alájọ, àwọn tó ń dá owó lè má mọ ara wọn rárá. Bí ẹ bá fi ìwé lórí èsúsú gbé ọ̀rọ̀ ìfọkàntán lọ́dọ̀ alájọ ró, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ kọjá ojú ewé kìíní.

Ìbéèrè: Ó yé mi pé méjì ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa kọ àlàfo náà gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ mú ìwé kan lọ́tọ̀. Ẹ kọ ohun tí àwọn tó ṣáájú yín sọ síbẹ̀, kó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè jiyàn sí. "Wọ́n ti kọ nípa ìfọkàntán" kì í ṣe irú rẹ̀. "Yíyọjú alájọ lójoojúmọ́ àti àmì orí káàdì ló ń fi oníṣòwò lọ́kàn balẹ̀" ni irú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín pé: kí ni ọ̀rọ̀ yìí fara tì tí kò sọ? Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń fò kọjá nìyí. Èyí fara tì owó bébà. Alájọ kò ní ohun tó fẹ́ wá gbà, kò sì ní ìdí láti fa ìlà sí káàdì, bí kò bá sí owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹ wá wo ìgbà tí ohun tí a fara tì yẹn já. Ní oṣù kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn máa pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n fi gbèdéke sí 31 oṣù kìíní 2023, wọ́n sún un sí 10 oṣù kejì, owó sì ṣì wọ́n kódà lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ ní 3 oṣù kẹta pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí ọdún á fi parí.

Bí wọ́n ṣe so pọ̀ nìyí:

"Àwọn tó wádìí iṣẹ́ alájọ (ẹ fi orúkọ àwọn tí ẹ kà àti ọdún wọn síbí) sọ pé yíyọjú alájọ lójoojúmọ́ àti àmì orí káàdì ló ń mú kí oníṣòwò fọkàn tán an. Àlàyé yìí gbà, láìsọ ọ́, pé owó bébà wà lọ́wọ́ oníṣòwò. Láti òpin oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2023, owó bébà ṣọ̀wọ́n. A kò mọ ohun tí alájọ fi dípò ìbẹ̀wò àti káàdì lásìkò náà. Iṣẹ́ yìí wádìí rẹ̀ lẹ́nu alájọ 26 ní Ìbàdàn."

Bóyá àwọn alájọ sọ fún yín pé àwọn ń gba owó sínú àkáǹtì tiwọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi í síbẹ̀. Àbájáde ni. Ohun tí a ti mọ̀ kí ẹ tó wọ ọjà ni a fi ń fi àlàfo hàn. Bí ẹ bá kó àbájáde síbẹ̀, ẹ ti dí ihò náà kí òǹkàwé tó rí i.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè kàn sọ pé kò sí ẹni tó ṣe é ní Ìbàdàn rí?

Ìdáhùn: Orúkọ ìlú nìkan kì í ṣe àlàfo, àfi bí ohun kan bá wà ní Ìbàdàn tó lè yí àlàyé náà padà. Ní ti "kò sí ẹni tó ṣe é rí", ẹ wá a dáadáa kí ẹ tó sọ ọ́. Àwọn ará Ghana ń pe iṣẹ́ yìí ní súsú, nítorí náà ẹni tó bá wá "ajo" nìkan kò ní rí tiwọn. Ẹ tẹ ìwọ̀nyí sí Google Scholar àti AJOL lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
"ajo" "daily contribution" Nigeria
"thrift collectors" Nigeria
"susu collectors" Ghana
"naira redesign" "informal savings"
```

Bí ẹ bá rí iṣẹ́ kan lórí ọ̀wọ́n owó 2023, ẹ má jáyà. Ẹ wo ẹni tí wọ́n bi léèrè. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò ni wọ́n bi nípa ìyà tó jẹ wọ́n, ìbéèrè yín ṣì dúró, ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà kí ẹ sì sọ ibi tó parí sí. Bí ó bá jẹ́ alájọ ni wọ́n bi ní ohun kan náà, àlàfo yín ti dí nìyẹn, ẹ ní láti sún síwájú: bóyá àwọn ọ̀nà tuntun náà dúró lẹ́yìn tí owó padà dé.

Ìbéèrè: Olùkọ́ mi ka ìpínrọ̀ tuntun yìí, ó ní àlàfo náà ṣì tóbi ju dátà mi lọ. Kí ló ń sọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, mo sì yẹ kí n ti rí i. Ọkàn oníṣòwò ni ìfọkàntán ń gbé, ẹ kò sì bi oníṣòwò kankan. Ohun tí ẹ ní ni ohun tí alájọ ṣe kí wọ́n má bàa pàdánù rẹ̀. Ẹ kò lè sọ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo ọdún. Ní 2024, àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ bá. Alájọ tí ọ̀wọ́n owó lé kúrò lọ́jà, tàbí tó kó owó lọ, kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Nítorí náà, gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn ló yẹ kó dín kù:

"A kò mọ ohun tí àwọn alájọ tí iṣẹ́ wọn kò parun fi dípò ìbẹ̀wò àti káàdì lásìkò náà. Iṣẹ́ yìí wádìí rẹ̀ lẹ́nu alájọ 26 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 2024."

Ẹ yọ "ìfọkàntán" kúrò nínú àkọlé àpilẹ̀kọ yín pẹ̀lú, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ padà.