Omi kò wọlẹ̀ mọ́ nínú ilé ìgbẹ́ alómi wa: ohun tó yanjú rẹ̀

Ní abúlé wa lẹ́yìn Òṣogbo, a sọ ṣáláńgá ìyá mi di alómi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi kọ̀, kò lọ mọ́: ẹ da ìdajì garawa sí i, á gòkè wá sínú àwo, á dúró síbẹ̀.

A ti ọ̀pá bọ páìpù, kò dí. A pe àwọn tó ń kó ẹ̀gbin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́lẹ́, sọkawéè tún kún. Iye ọjọ́ tó dọ́gba yẹn ló mú mi fura.

Ìgbà tí a ṣí sọkawéè ni mo rí i: bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri inú rẹ̀, ó sì da kọnkéré sí ìsàlẹ̀. Ó ń dán bíi táńkì omi. Ibo ni omi fẹ́ gbà wọ ilẹ̀?

A gbẹ́ òmíràn sí apá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ kànga, ó ju mítà 30 lọ síbẹ̀. Kí a tó mọ ògiri rẹ̀, mo gbẹ́ ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo pọn omi kún un lálẹ́. Láàárọ̀ mo tún pọn ọ́n kún, ó sì ń fà. Sìmẹ́ńtì wà láàárín ìpele búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì, ṣùgbọ́n a fi àlàfo ẹ̀gbẹ́ wọn sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni a fi yí i ká, a kò da kọnkéré sí ìsàlẹ̀.

Oṣù márùn-ún rèé, tòjò tòjò, ìdajì garawa ń lọ wàrà. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ líle, ó lè má rí bẹ́ẹ̀.