"Dáadáa ni" kò tó: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu díwọ̀n eré gígùn àkọ́kọ́

Àbúrò mi obìnrin máa ń sá eré kìlómítà 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì máa ń gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Nígbà tó fẹ́ sá kìlómítà 12 fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní aago eléré ìdárayá. Ẹnìkan ti sọ fún un pé kò nílò rẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì lè bá ẹni tí wọ́n jọ ń sáré sọ̀rọ̀, eré rẹ̀ kò tíì pọ̀ jù. Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó yára jù ú lọ bá jọ jáde. Ọ̀rẹ́ yìí ń bi í léraléra pé, "Ṣé kò sí?" Òun náà ń dáhùn pé, "Dáadáa ni." Nígbà tí wọ́n fi máa dé òpó kìlómítà keje lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, itan rẹ̀ ti le gbagidi, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ńṣe ló rin ìyókù ọ̀nà délé.

Mo ní kó ro ẹjọ́ eré náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó ṣe ń rò ó ni mò ń rí ibi tó ti bàjẹ́. Wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí kò tó, wọ́n sọ ọ́ nígbà tí kò yẹ, ẹni tí kò yẹ ló sì ń sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kúkúrú dán èémí wò

Èémí tí à ń mí jáde la fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń jáde lẹ́nu wa, a ò lè fa afẹ́fẹ́ tuntun sínú, àfi ká dánu dúró. Nígbà tí eré bá rọrùn, ara lè ní sùúrù di ìparí gbólóhùn kó tó tún mí. Bí eré bá wá kọjá ibì kan, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí àwọn iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ara á sì máa sáré mí kó lè lé e jáde. Látìgbà náà lọ, kò ní sùúrù fún gbólóhùn gígùn mọ́. Ó máa gé ọ̀rọ̀ láàárín kó lè rí èémí fà.

"Dáadáa ni" kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹni tó ń sáré tagbáratagbára pàápàá lè rí àyè sọ ọ́ láàárín èémí méjì. Ohun tó lè fi eré hàn ni gbólóhùn tó gùn tó láti fi dán sùúrù ara wò. Èyí tí mo fún àbúrò mi nìyí:

"Nígbà tí mo bá délé, màá wẹ̀, màá jẹun, lẹ́yìn náà màá sùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú."

Ẹ sọ ọ́ sókè bí ẹni ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì fetí sí ibi tí èémí ti gé e. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ ti máa ń dánu dúró tẹ́lẹ̀ ni, lẹ́yìn "délé" tàbí lẹ́yìn "jẹun", eré yín dára fún ọ̀nà jíjìn. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹ ń sọ pé, "màá… wẹ̀… màá jẹ… un," ẹ ti sáré jù. Ohun kan tún wà tí mo máa ń fetí sí: ìparí gbólóhùn. Ẹni tí èémí kò tó máa ń gbé "ṣú" mì, ohùn òkè tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á sì dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo máa ń gbọ́ ìyẹn kí ẹni náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Carl Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin–La Crosse ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ọ̀nà yìí. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá ka àkọsílẹ̀ kan sókè, wọ́n á wá bi í bóyá ó lè sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́…, àti rárá. Èyí àárín yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú. "Mo lè sọ̀rọ̀, àmọ́…" túmọ̀ sí pé ẹ ti dé etí ààlà. Fún eré kìlómítà 5 tẹ́ ẹ ti mọ̀ dáadáa, kò burú. Fún eré gígùn àkọ́kọ́, ẹ kà á sí "rárá", kẹ́ ẹ dín eré kù.

Ẹ má gba ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ bá sọ gbọ́

Àṣìṣe yìí ló ń ba eré èèyàn jẹ́ jù lójú tèmi, torí pé kì í jọ àṣìṣe rárá. Ara tù yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé, gbogbo eré ló rọrùn. Ẹ dán gbólóhùn wò, ó jáde geere. Ẹ wá gbà pé ìwọ̀n eré yín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni àwọn iṣan ti ń ṣiṣẹ́ kíkún, àmọ́ èémí àti ọkàn kì í tètè bá wọn. Agbára díẹ̀ kan wà nípamọ́ nínú iṣan, òun la ń ná ní ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ó máa tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí èémí tó fi ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe hàn, kódà ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí eré bá le. Ẹni tó bá dán ọ̀rọ̀ wò ní ìṣẹ́jú kejì ń ka èsì tí kò tíì jinná.

Torí náà, ẹ fi eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìrìn bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń ṣe yín bíi pé ó ti lọ́ra jù, ẹ jẹ́ kó lọ́ra bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó sọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ ò nílò aago fún èyí. Ẹ mú ohun kan lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ju kìlómítà kan lọ díẹ̀ sílé, kó jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe múra sílẹ̀ de ìdánwò

Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dẹ eré, wọ́n á fa èémí gbọọrọ kan sínú, wọ́n á wá sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Eré tí wọ́n dẹ̀ yẹn ni wọ́n dán wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sá bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa lọ bó ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ kàn la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín èémí tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn gbólóhùn, ẹ tún wo bí èémí ṣe rí. Bó bá gbà yín ju èémí méjì tàbí mẹ́ta lọ kó tó padà sí bó ṣe wà, eré náà ti pọ̀ díẹ̀.

Ẹni tó bá ń dá sáré náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Ojú máa ń ti àwọn kan, wọ́n á máa rò ó lọ́kàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ọkàn kì í ná èèyàn ní èémí kankan. Bí ẹ bá sì ń bá ẹni tó yára jù yín lọ sáré, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé òun ni yóò máa ròyìn tẹ́ ẹ̀yin á máa mi orí. Ẹni tí eré rẹ̀ kéré jù ni kó máa sọ̀rọ̀ jù, kí ẹni tó yára sì máa gbọ́. Òdìkejì ìyẹn ni àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe: ọ̀rẹ́ náà ń sọ ìtàn, òun ń sọ pé "ẹn-ẹ́n".

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè fi nǹkan hàn

Èémí kò mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni jókòó sórí àga, nígbà tí iṣan iwájú itan ń gba ìyà gidi, torí pé òun ló ń dá ara dúró ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹ má torí pé ọ̀rọ̀ ń já geere sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹ gé ìgbésẹ̀ kúrú, kí ẹsẹ̀ má kan ilẹ̀ gbì-gbì.

Àyà tó ń dùn tàbí tó fún pinpin, tàbí òòyì tó ń kọ́ni lójú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n eré. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée náà, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí èémí tirẹ̀ lè gé láìjẹ́ pé eré pọ̀.

Eré kejì

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi àti àbúrò mi jọ jáde. Kìlómítà mẹ́fà ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀. Ó wo aago ara ògiri kó tó jáde, kò sì sí aago mìíràn. Nígbà tí a kọjá òpó àkọ́kọ́, mo ní kó sọ gbólóhùn rẹ̀. Ó gé láàárín "màá" àti "jẹun". Ó yà á lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ kò rẹ̀ mí o."

"Mo mọ̀. Gé ìgbésẹ̀ rẹ kúrú. Má dúró."

Nígbà tó tún un sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì, ó dánu dúró lẹ́yìn "jẹun" nìkan. Bá a ṣe lọ nìyẹn, tó ń sọ ọ́ ní òpó kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ohun mìíràn tó wù ú láàárín. Òkè kan wà lẹ́yìn òpó kẹrin. A gùn ún dé àárín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gé, a sì rìn títí a fi dé orí rẹ̀, bí ìṣẹ́jú kan. Kò fẹ́ rìn. Mo ní eré tí à ń sá kò ju ohun tí ẹnu rẹ̀ bá gbà láyè lọ, ì báà jẹ́ ìrìn.

Ní òpó kẹsàn-án, "ṣú" rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, eré wa kò tíì yí padà. Oòrùn ti yọ, ara ti gbóná. Bí ara bá ṣe ń gbóná ni ọkàn ń lù sí i, kódà bí ẹsẹ̀ bá ń lọ bákan náà. Ọ̀pọ̀ máa ń takú síbẹ̀, wọ́n á ní eré tí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ làwọn máa fi parí. A dín tiwa kù, ọ̀rọ̀ padà.

Aago ara ògiri fi wákàtí kan àti ààbọ̀ hàn nígbà tí a wọlé. Ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ fún kìlómítà kan nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìṣẹ́jú kan lọ́ra ju eré kìlómítà 5 rẹ̀ lọ. Ní òpó tó kẹ́yìn, ó ti sọ gbólóhùn náà tán láìgé e níbì kankan, ó wá ní kí n jẹ́ kí àwọn yí i padà, kí jíjẹun ṣáájú wíwẹ̀.