Bí a ṣe ń yan fọ́ńtì àti ìwọ̀n lẹ́tà fún síláìdì inú gbọ̀ngàn ńlá

Nígbà kan, mo gbé síláìdì lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan, ìwọ̀n lẹ́tà inú rẹ̀ sì jẹ́ póńtì 24. Lórí kọ̀ǹpútà mi nílé, lẹ́tà náà tóbi débi pé mo fẹ́ dín in kù. Orí pèpéle ni mo wà tí mo fi rí àwọn tó jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń fi fóònù ya síláìdì, kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí wọ́n tó kà á. Láti ọjọ́ náà, n kì í béèrè mọ́ pé ìwọ̀n wo ló dára. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: mítà mélòó ni ìjókòó tó gbẹ̀yìn fi jìnnà sí síkírìnì, báwo sì ni àwòrán orí síkírìnì náà ṣe ga tó?

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwọ̀n méjì

Ẹ béèrè ìwọ̀n méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ìjìnnà náà. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà kan tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà kan. Gíga àwòrán ni kí ẹ wọ̀n o, kì í ṣe gíga aṣọ síkírìnì, nítorí pé pírójẹ́kítọ̀ kì í sábà kún aṣọ náà tán.

Ojú tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè dá lẹ́tà mọ̀ nígbà tí gíga rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú 700 ìjìnnà. Ṣùgbọ́n dídá lẹ́tà mọ̀ yàtọ̀ sí kíkà á láìní fún ojú pọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo ìdá kan nínú 200 fún gíga lẹ́tà ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀kan

Ká ní ìjókòó tó gbẹ̀yìn jìnnà sí síkírìnì ní mítà 24, àwòrán sì ga ní mítà 3. Síláìdì fífẹ̀ ti PowerPoint ga ní íǹṣì 7.5, ìyẹn póńtì 540, nítorí pé póńtì 72 ló wà nínú íǹṣì kan. Lẹ́tà ńlá kì í kún ìwọ̀n tí a kọ sínú àpótí fọ́ńtì. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló máa ń gà. Nítorí náà:

```
24 m ÷ 200 = 12 cm
12 cm ÷ 300 cm = 0.04
0.04 × 540 = 21.6
21.6 ÷ 0.7 ≈ 31
```

Ẹ fi 32 ṣe ọ̀rọ̀ inú síláìdì, kí àkọlé sì jẹ́ 44. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé Google Slides kì í lo gíga kan náà. Síláìdì tirẹ̀ ga ní íǹṣì 5.625, ìyẹn póńtì 405, nítorí náà 24 níbẹ̀ tóbi bákan náà pẹ̀lú 32 nínú PowerPoint. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ 24" láì sọ gíga síláìdì, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Tí ìjókòó ẹ̀yìn bá lọ dé mítà 40, tí àwòrán ò sì ga ju mítà 3 lọ, ìṣirò kan náà á gbé wa dé nǹkan bí 51. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni síláìdì bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ẹ gba bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún síkírìnì kejì ní àárín gbọ̀ngàn.

Fọ́ńtì méjì tó bára mu

Méjì ti tó. Iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ìrísí wọn náà sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ débi tí ojú á fi rí i kíá. Ẹ má fi Arial ṣe àkọlé kí ẹ tún fi Helvetica ṣe ọ̀rọ̀ inú: wọ́n jọra débi pé ó máa dà bí àṣìṣe. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Noto Serif kíki fún àkọlé, pẹ̀lú Noto Sans fún ọ̀rọ̀ inú. Èkíní ní ìrù kéékèèké létí lẹ́tà, èkejì kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan náà ni wọ́n, nítorí náà gíga lẹ́tà kéékèèké wọn kò ta kora. Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà, ẹ lo Noto Sans nìkan, kí àkọlé ki, kí ọ̀rọ̀ inú má ki.

Ìwọ̀n kan náà kì í rí bákan náà nínú gbogbo fọ́ńtì. Lẹ́tà kéékèèké Verdana ga, ti Garamond kúrú, nítorí náà Garamond 32 á dà bí ẹni pé ó kéré sí Verdana 32 gan-an. Ìlà Garamond tún tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn sì lè gbé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mì. Ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo fọ́ńtì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí Light tàbí Thin. Georgia dára fún àkọlé, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ kì í dúró lórí ìlà kan: 3, 4, 5, 7 àti 9 á rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má lò ó fún àtẹ nọ́ńbà.

Kí ẹ tó gba fọ́ńtì kan, ẹ tẹ `Il1 O0 ẹ̀ ọ́ ṣ` sínú rẹ̀. Tí `I` àti `l` bá jọra pátápátá, ẹ má fi kọ kóòdù tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà. Tí àmì bá fò kúrò lórí lẹ́tà, tàbí tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fọ́ńtì náà kò ní àmì ọ̀hún, kọ̀ǹpútà ti lọ yá a níbòmíràn. Fún ọ̀rọ̀ tó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀, ẹ fẹ àlàfo ìlà dé nǹkan bí 1.2, kí àmì ìlà kan má baà gun èkejì lórí.

Ẹ dí ọ̀nà tí ìwọ̀n fi ń sá lọ

PowerPoint máa ń dín lẹ́tà kù fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kún àpótí, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máùsì tẹ àpótí náà, ẹ yan Format Shape, ẹ wá Text Box nínú Text Options, kí ẹ sì yan Do not Autofit. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó bá pọ̀ jù á tú jáde kúrò nínú àpótí, ẹ̀yin náà á sì gé e. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àwòrán àtẹ pẹ̀lú: wọ́n sábà máa ń kéré ju ọ̀rọ̀ inú síláìdì lọ, ẹni ẹ̀yìn ò sì yá ojú ẹlòmíràn kà wọ́n.

Tí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ò bá ní fọ́ńtì yín, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, gbogbo ìṣirò á sì dàrú. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà PDF kan sọ́wọ́. Tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn bá sì tẹ́jú, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún ní ìsàlẹ̀ síláìdì sílẹ̀ lófìfo, nítorí pé orí àwọn tó wà níwájú ni yóò gbà á.

Ìdánwò nílé

Ẹ pín ìjìnnà ìjókòó tó gbẹ̀yìn sí gíga àwòrán. Nínú àpẹẹrẹ wa, 24 sí 3 jẹ́ 8. Ẹ wá wọn gíga síláìdì lójú kọ̀ǹpútà yín nígbà tó bá kún ojú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, ẹ ṣe é ní ìlọ́po 8: sẹ̀ǹtímítà 144. Ẹ fà sẹ́yìn títí dé ibẹ̀, ẹ tan iná yàrá, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan tí kò rí síláìdì náà rí kà á sókè fún yín. Níbi tó bá ti dúró tàbí tó na ọrùn síwájú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi kún lẹ́tà tàbí kí ẹ gé ọ̀rọ̀ kù.